Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Kọ̀ntírólà Kan, Fáàfù Méjì, Ríákítọ̀ Tí Ìgbóná Rẹ̀ Kò Dúró Lójú Kan

Sí Olùdarí Iṣẹ́,
Ilé-iṣẹ́ tó fi ètò ìṣàkóso ìgbóná sórí ríákítọ̀ wa ní Àgbárá.

Ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ TIC-201, FÁÀFÙ OMI TÚTÙ TV-201A ÀTI FÁÀFÙ SÍTÍÌMÙ TV-201B

A kí yín o. Ètò tí ẹ fi lélẹ̀ kò ṣe ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn, a sì ti dá 10% tó kù nínú owó iṣẹ́ náà dúró. Ìdí rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe.

Gọ́ọ̀mù fáínìlì ásítéètì tí àwọn aláṣe ọ̀dà ẹmọ́ṣọ̀n ń rà ni ríákítọ̀ yìí ń ṣe. Sítíìmù ló ń kọ́kọ́ gbé omi inú rẹ̀ dé 80°C. Lẹ́yìn náà ni fáínìlì ásítéètì á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, 400 kg ní wákàtí kan. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í di gọ́ọ̀mù, ríákítọ̀ kò fẹ́ sítíìmù mọ́, ara rẹ̀ ló ń mú ooru wá. Kìlógíráàmù kan ń tú nǹkan bí 1,000 kJ jáde. Èyí túmọ̀ sí pé omi tútù ní láti kó nǹkan bí 110 kW kúrò, bí a bá fojú fo ìwọ̀nba tí fáínìlì tútù tó ń wọlé ń fà mu. Fáínìlì ásítéètì fúnra rẹ̀ ń hó ní nǹkan bí 73°C, nítorí náà bí ìgbóná bá ré 80 kọjá, èyí tí kò tíì di gọ́ọ̀mù á máa di gáàsì, ìfófòó á gùn dé kọ́ńdẹ́ńsà, gọ́ọ̀mù á sì kún fún kókó.

Fáàfù méjèèjì kì í kan ohun tó wà nínú ríákítọ̀ tààrà. Omi kan wà tí pọ́ǹpù ń gbé yí jákẹ́ẹ̀tì ká. TV-201B ń fi sítíìmù mú omi yìí gbóná, TV-201A sì ń da omi tútù mọ́ ọn kí èyí tó ti gbóná lè ṣàn jáde. Kọ̀ntírólà TIC-201 nìkan ló ń darí àwọn méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí ìwé yín, nígbà tí OP, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ntírólà ń rán sí àwọn fáàfù, bá wà ní 0, fáàfù omi ṣí gbayawu. Bí OP ṣe ń gòkè lọ sí 50 ni fáàfù omi ń pa dé, láti 50 lọ sí 100 ni fáàfù sítíìmù ń ṣí. Ní 50 gan-an, ìyẹn 12 mA, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù la ó fi ṣáájú. Ìwé àdéhùn sọ pé bí afẹ́fẹ́ tó ń gbé àwọn fáàfù bá tán, fáàfù sítíìmù yóò pa dé, fáàfù omi yóò sì ṣí. Sípírìngì ló yẹ kó ṣe é, láìsí iná, láìsí kọ̀ntírólà. Fáàfù omi tí ẹ kó wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀: sípírìngì rẹ̀ ń pa á dé ni, FC, ìyẹn èyí tó ń pa dé bí afẹ́fẹ́ bá tán, ló sì wà lára àwo rẹ̀ níbi tí ìwé béèrè FO, èyí tó ń ṣí. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ni pé wọ́n yí pọsíṣọ́nà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ kọ̀ntírólà tó sì ń fi afẹ́fẹ́ gbé ọ̀pá fáàfù, sódì, kí 4 mA lè máa ṣí i, kí 12 mA sì máa pa á dé. Lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ń wo fáàfù náà kò lè rí ìyàtọ̀, torí ó ń ṣí, ó ń pa dé bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí iná bá lọ tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ sì dúró ni àṣírí á tú. Nígbà yẹn, fáàfù méjèèjì á pa dé, fáínìlì tó ti wọlé á ṣì máa tú ooru sílẹ̀, kò sì ní sí omi tútù kankan tó ń wọlé.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ láìdán an wò. Ẹ fi omi lásán sínú ríákítọ̀, ẹ fi TIC-201 sí ọwọ́, ẹ gbé OP sí 50, kí ẹ sì ti afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí fáàfù méjèèjì pa. Ẹ ó rí i pé fáàfù omi kò ní ṣí. Pọsíṣọ́nà tí a yí sódì kò lè tún èyí ṣe, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni pọsíṣọ́nà fi ń ṣiṣẹ́. Orí fáàfù náà, níbi tí sípírìngì wà, ni ẹ ní láti pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé fáàfù méjèèjì ń ṣí pọ̀. Wáyà kan ṣoṣo lẹ fà láti inú kọ̀ntírólà, ẹ fi kọjá nínú pọsíṣọ́nà méjèèjì lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ wá ṣètò ọ̀kan sí 4 sí 12 mA, èkejì sí 12 sí 20. Ibi tí iṣẹ́ ti pín kò sí nínú kọ̀ntírólà nígbà náà, ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríákítọ̀ ló wà, níbi tí gbígbọ̀n àti ooru ti ń sún un. A fi ẹ̀rọ tó ń tú mA jáde dán wọn wò láti 4 dé 20, a sì ń kọ ibi tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Fáàfù omi kò pa dé tán títí a fi dé 12.8 mA. Fáàfù sítíìmù ti ń ṣí láti 11.6. Láàárín 11.6 sí 12.8, tó jẹ́ 7.5% gbogbo ìrìn OP, méjèèjì ló wà ní ṣíṣí. Ibẹ̀ gan-an sì ni OP máa ń wà nígbà tí ríákítọ̀ bá ti dé 80 tí fáínìlì kò tíì wọlé. Bí ẹni tó ń dáná tó tún ń bu omi sí i ni. Ìgbóná lè má yẹ̀ rárá lójú ẹ̀rọ, nítorí náà kò sí ìró ìkìlọ̀ kankan tí yóò dún. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé omi gbígbóná ń ṣàn jáde láti ẹnu páìpù ìdàsílẹ̀ nígbà tí páìpù sítíìmù náà ń jó ọwọ́.

Ẹnjiníà yín dábàá lórí fóònù pé kí a ṣí àlàfo 10% sáàárín àwọn méjèèjì, kí wọ́n má bàa pàdé mọ́. A kò gbà. Nínú àlàfo yẹn, fáàfù méjèèjì ti pa dé, OP ń rìn lásán. Ohun tó ń sún OP nígbà tí ìgbóná bá yẹ̀ díẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀ ni apá tó ń kó ìyàtọ̀ jọ. Ẹ fi `Kp`, ìyẹn agbára ìdáhùn kọ̀ntírólà, sí 3 àti `Ti`, ìyẹn àkókò tí apá yìí fi ń ṣiṣẹ́, sí ìṣẹ́jú 6. Sẹ́nsọ̀ wa ń ka 0 sí 100°C, nítorí náà ìyàtọ̀ 1°C jẹ́ 1%. Tí ríákítọ̀ bá fi 1°C ré 80 kọjá, OP á máa sọ̀ kalẹ̀ ní 3 × 1 ÷ 6, ìyẹn 0.5% ní ìṣẹ́jú kan. Ogún ìṣẹ́jú ni yóò fi la àlàfo náà kọjá kí omi tútù tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ń pọ̀ sí i, á yá jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ ni pé kó má pọ̀ sí i. Àlàfo 1% tó, bí a bá ṣètò pọsíṣọ́nà dáadáa.

Èyí mú wa dé orí 50 fúnra rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wa pé ibi tí gbogbo ayé ń pín in sí nìyẹn. 50 dára nígbà tí agbára fáàfù méjèèjì bá dọ́gba, ti ríákítọ̀ yìí kò sì dọ́gba. A kún un fún omi ní àyíká 80°C, a sì wo ìgbóná omi tó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ fáàfù méjèèjì ti ń pàdé. Nígbà tí a fi 10% kún ṣíṣí fáàfù sítíìmù, omi jákẹ́ẹ̀tì fi 12°C gòkè kó tó dúró. Nígbà tí a fi 10% kún ti omi tútù, 4°C péré ló fi sọ̀ kalẹ̀. Sítíìmù lágbára ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí a bá pín OP sí méjì dọ́gba, 1% OP yóò jẹ́ 2% fáàfù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ẹ̀gbẹ́ sítíìmù, èyí á mú 2.4°C wá, ní ẹ̀gbẹ́ omi, 0.8°C.

`Kp` kan ṣoṣo kò lè bá àwọn méjèèjì mu. Nígbà tí ẹ ń dán iṣẹ́ wò, omi lásán ló wà nínú ríákítọ̀, kò sí fáínìlì, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ sítíìmù nìkan lẹ fi wá iye tó tọ́. Lóòótọ́ ó dúró ṣinṣin ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Àmọ́ nígbà tí fáínìlì wọlé tí ooru rẹ̀ dé, ọwọ́ kọ̀ntírólà rọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ìgbóná sì gun orí dé 87°C kí omi tútù tó ká a mọ́. Bí a bá gbé `Kp` sókè fún omi, ẹ̀gbẹ́ sítíìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sókè-sódò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ibi tí a óò pín OP sí, tí a pè ní s, gbọ́dọ̀ mú kí agbára ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba:

```
s / (100 - s) = 0.4 / 1.2
s = 25
```

Ní 25, 1% OP jẹ́ 4% fáàfù omi, ìyẹn 1.6°C, ó sì jẹ́ 1.33% fáàfù sítíìmù, tí òun náà jẹ́ 1.6°C. Kí ẹ̀gbẹ́ sítíìmù má bàa yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, `Kp` á kúrò ní 3, á di 3 × 2.4 ÷ 1.6, tó jẹ́ 4.5. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ omi nìkan ló máa yára sí i, ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ìtẹ̀ sítíìmù wa bá kúrò ní 3 bar, ìwọ̀n yìí á yẹ̀, ẹ ó sì tún un wọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi 25 yìí sínú pọsíṣọ́nà. Bí fáàfù omi bá ní láti rin gbogbo ìrìn rẹ̀ láàárín 4 sí 8 mA, yíyẹ̀ díẹ̀ ní ọwọ́ pọsíṣọ́nà á di ńlá. Ẹ fún fáàfù kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ àti ojú ìjáde tirẹ̀ lára kọ̀ntírólà. Ẹ ṣètò pọsíṣọ́nà méjèèjì sí 4 sí 20 mA, kí pípín náà wà nínú ètò báyìí:

```
IF OP < 25.0 THEN
  CW := (25.0 - OP) * 4.0;
  ST := 0.0;
ELSE
  CW := 0.0;
  ST := (OP - 25.0) / 0.75;
END_IF;
```

CW ni ìwọ̀n ṣíṣí fáàfù omi, ST ni ti sítíìmù. Nítorí pé sípírìngì tuntun yóò máa ṣí fáàfù omi, ojú ìjáde rẹ̀ ní láti yí sódì: nígbà tí CW bá jẹ́ 100, kó tú 4 mA jáde, nígbà tó bá jẹ́ 0, kó tú 20 jáde. Bí wáyà bá já, omi á ṣí. Àlàfo 1% tí a sọ lókè lè wọ inú ètò yìí pẹ̀lú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé fáàfù kọ̀ọ̀kan ń pa dé tán.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, a fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ orí TV-201A láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, kí ẹ fa wáyà kejì, kí ẹ fi ètò òkè yìí sílẹ̀, kí ẹ sì tún fáàfù méjèèjì dán wò níwájú àwọn òṣìṣẹ́ wa, láti 4 dé 20 mA àti pẹ̀lú afẹ́fẹ́ títì. Ìdánwò ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú fáínìlì ásítéètì. A ó bẹ̀rẹ̀ láti 100 kg ní wákàtí kan, a ó máa gbé e lọ sí 400 díẹ̀díẹ̀. Ìgbóná kò gbọ́dọ̀ fi ju 2°C yẹ̀ kúrò ní 80, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti buwọ́ lù ú. Kí fáàfù omi tó yí padà, a kò ní da fáínìlì sínú ríákítọ̀ náà, iye ohun tí a pàdánù nítorí ìdúró yìí sì wà nínú ìwé tí a so mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìdánwò ọ̀pá fáàfù.

Tiyín ní tòótọ́,

Olórí Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ẹ̀rọ àti Ìṣàkóso