Má jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ

Kábà

Ọ̀rẹ́ mi,

Òkun o. Òkun iṣẹ́, òkun àwọn ọmọ. Lẹ́tà tí o kọ láti Kánò ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n rẹ fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ibi tí o ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ní Ìsánlú fún ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fara mọ́. Ẹni tó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́ láti ọdún wọ̀nyí, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ láàárọ̀ àfi tó bá gbé ife kan mì, tó bá já a lójijì, ó lè pa á.

Wọ́n gbé bíríkìlà kan tó já a lójijì bẹ́ẹ̀ wá bá wa ní ọsibítù níbí. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló mu ọtí kẹ́yìn, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ó parí. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ó ń bì, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ìyàwó rẹ̀ ní ibà ni, ó ra oògùn ibà fún un. Ìdájí ọjọ́ Ajé, wárápá gbé e ṣánlẹ̀, ẹni tí kò ní wárápá rí. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí èèrà lára ògiri, ó ń já òwú tí kò sí lára aṣọ rẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀gá rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so ó lọ́wọ́ so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà lé e lórí. Mi ò bú àdúrà o, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n tó gbé e dé, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọtí títí dókítà fi bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ìgbà tó mu ún kẹ́yìn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ.

Ohun tó fà á nìyí. Ọtí máa ń mú ọpọlọ rọ̀. Tó bá ń wọlé lójoojúmọ́, ọpọlọ á máa ta kò ó, á fi agbára kún ohun tó ń jẹ́ kó jí kó sì yára, kí èèyàn lè máa rìn. Ó dà bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn láti ẹ̀yìn àti iwájú: bí ọ̀kan bá yọwọ́ lójijì, èkejì á ya wọlé lórí eré. Gbígbọ̀n, wárápá àti ìran rírí yẹn, eré náà ni. Wárápá sábà máa ń wá láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ rúdurùdu pẹ̀lú ara gbígbóná máa ń dé ní bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún. Nítorí náà, kí ọjọ́ kìíní rọrùn kò túmọ̀ sí pé ó ti tán.

Oògùn wà fún un. Dáyásípáàmù ni wọ́n fún bíríkìlà náà, nítorí ó ń ṣe fún ọpọlọ bí ọtí ti ń ṣe, wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára, torí ọtí máa ń jẹ fítámì yẹn tán, bí ó bá sì ṣófo, ojú àti ìrántí lè bà jẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà náà, torí méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan. Ẹ má lọ ra dáyásípáàmù ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì o. Bó bá bá ọtí pàdé, èémí lè dúró, bí ẹ̀dọ̀ wọn kò bá sì dára, kì í ṣe òun gan-an ni dókítà á lò.

Kì í ṣe gbogbo amutí ló rí báyìí. Ẹni tó ń mu ẹmu níbi ìnáwó nìkan lè dáwọ́ dúró lọ́la. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ẹ́: ṣé wọ́n ti gbìyànjú rí, ṣé wárápá gbé wọn nígbà náà? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, inú ọsibítù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí ti ẹ̀ẹ̀kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n tó rí dókítà, kí wọ́n má tíì já a pátápátá, kí wọ́n máa mu ún ní ìwọ̀n tí ọwọ́ kò fi ní gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ìyá yín kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n bá mi ṣàlàyé fún wọn.

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí àbúrò yín wà pẹ̀lú wọn wá sí Kábà láàárọ̀, kó kọ ìgbà tí wọ́n mu ọtí kẹ́yìn àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé, kó sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání. Bí wárápá bá gbé wọn ṣáájú ìgbà náà, kí wọ́n yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n sì wá mọ́tò lójú ẹsẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, nọ́ọ̀sì Kábà