Àdùkẹ́, ìwé kíliníìkì rẹ ni mo rí

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Èmi ni mo fi dandan lé ọkọ rẹ kó tó fi ìwé kíliníìkì rẹ hàn mí lórí fóònù lálẹ́ àná, nítorí náà má bá a jà. Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oyún rẹ ni nọ́ọ̀sì kọ nǹkan síbẹ̀ mọ. Ojú ìlà ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ṣófo. O sì ti wọ ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n! O ní ara rẹ le, pé jíjókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago méje ń jẹ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ.

Àdùkẹ́, àìsàn tí wọ́n ń wá, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, kì í kọ́kọ́ dunni. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ ló ń yọjú, aboyún àkọ́kọ́ ló sì fẹ́ràn jù. Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ àti jẹ́nótáìpù wò, o ti ṣe é, o káre. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ní tiwọn kì í tán. Gbogbo ìgbà tí o bá lọ ni wọ́n ń wò wọ́n. Bí ìfúnpá bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rì bọ ìtọ̀ sì fi purotéènì hàn, wọn ò ní jẹ́ kí o padà sílé bẹ́ẹ̀.

Ewúrẹ́ bàbá rẹ bímọ mẹ́ta. Òjò ti ṣí páànù ilé ìdáná.

Kálísíọ́mù tí wọ́n kọ fún ọ, nítorí àìsàn yìí náà ni. Má lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara, ó ń dí i lọ́wọ́. Lo ọ̀kan láàárọ̀, kí o lo èkejì lálẹ́. Bí ìgbẹ́ rẹ bá dúdú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ló fà á, má torí ẹ̀ dá a dúró.

Ọkọ rẹ ní òrùka ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ mọ́. O ò sọ fún mi. Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú rẹ ń ṣú, àbí abẹ́ ìhà ń dùn ọ́? Ẹ̀jẹ̀, omi tó ń dà, ibà, ọmọ tí kò sọ nínú mọ́, gbogbo wọn wà lẹ́yìn ìwé yẹn, ìkankan wọn ò gbọdọ̀ sùn mọ́ ọ.

Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi. Fìlà yẹ́lò tó wà lórí rẹ nínú fọ́tò ìkómọ, ẹlòmíràn ni mo hun ún fún. Oyún oṣù mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pa kíliníìkì jẹ nítorí ọjọ́ ọjà. Orí fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń rí bíi pé iná ń ṣẹ́jú, mo sì ní kí wọ́n ra oògùn orí fífọ́ wá. Inú ilé ìdáná ni gìrì ti gbé mi. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni bàbá rẹ ń wò. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún mi.

Má dúró de ọjọ́ kíliníìkì. Ọ̀la ni kí o lọ. Tí orí bá fọ́ ọ lóru òní, òní náà ni. Mo ti fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Nọ́ńbà méjèèjì tí ìfúnpá bá gbé jáde, kọ ọ́ sí mi kí o tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì.

Ìyá rẹ.