Ilẹ̀ Àkóbọ̀ tó wà lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ

Bódìjà, Ìbàdàn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, mo sì tún un gbọ́ láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ èyí. Ó dùn mí dọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ọmọ ìyá le débi tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi sọ ọ́ gbangba pé òun ló ni ilẹ̀ Àkóbọ̀ tí o fi owó ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù pé kó bá ọ rà, torí pé orúkọ òun ló wà nínú rìsíìtì àti agirimẹ́ǹtì. O bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o.

Orúkọ tó wà nínú ìwé kọ́ ni kóòtù máa fi parí ọ̀rọ̀. Wọ́n á bèèrè ẹni tó lówó tí wọ́n fi ra ilẹ̀ náà. Tí mo bá san owó ilẹ̀, tí wọ́n wá kọ orúkọ rẹ sí i, tí n kò sì ní i lọ́kàn láti ta ọ́ lọ́rẹ, òfin á gbà pé ò ń bá mi di ilẹ̀ náà mú ni. Òótọ́ ni pé òfin ilẹ̀ tí a ti ń lò níbí láti 1959 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ di ilẹ̀ mú fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ irú tìrẹ yìí sílẹ̀, torí pé owó tó jáde lápò rẹ ló bí ẹ̀tọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹ̀yin méjèèjì kò tilẹ̀ kọ ìwé kankan láàárín ara yín, ẹjọ́ rẹ kò kú.

Ó ṣeé ṣe kó sọ pé o fi ta òun lọ́rẹ ni. Tó bá jẹ́ pé bàbá ló ra ilẹ̀ lórúkọ ọmọ, tàbí ọkọ lórúkọ ìyàwó, òfin á kọ́kọ́ rò ó sí ẹ̀bùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Tí o bá ti fi hàn pé ìwọ lo sanwó, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù ẹ̀bùn yẹn máa bọ́ sí.

Wàyí o, gbogbo rẹ̀ wà lórí ọjọ́ tí wọ́n ra ilẹ̀ náà. O sọ pé mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún náírà (₦2,400,000) ni pulọ́ọ̀tì méjèèjì, pé ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2016 ló wà lórí agirimẹ́ǹtì. O fi ₦1,200,000 ránṣẹ́ sí báńkì rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù yẹn, o sì fi ₦600,000 tẹ̀lé e ní ọjọ́ 15. Ìyẹn dára púpọ̀, nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ra. Owó tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ra ilẹ̀ ń sọ ìtàn tí owó tó ti wọlé láti ọdún méjì sẹ́yìn kò lè sọ. Owó ògiri tí o fi ránṣẹ́ ní 2021 ń kọ́? Ìyẹn nìkan kò lè sọ ilẹ̀ di tìrẹ, torí ọjọ́ ìrà ti kọjá. Síbẹ̀ pa ìwé rẹ̀ mọ́, nítorí ó ń fi hàn pé ẹ̀gbọ́n rẹ pàápàá ń wo ilẹ̀ náà bí ohun ìní rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun fi ₦600,000 tó kù kún un. Tó bá jẹ́ òótọ́, má ṣe sẹ́ ẹ. Adájọ́ tó bá rí i pé o purọ́ nípa ìyẹn kò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó fi sí i gẹ́gẹ́ bí olùrà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni tìrẹ, ìdá kan ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó yá ọ ni, pé ẹ ti jọ sọ pé wàá san án padà, ìwọ lo ni gbogbo ilẹ̀, o kàn jẹ ẹ́ lówó ni. Ronú dáadáa sí ohun tí ẹ sọ nígbà náà.

Ibi tó ń já ẹjọ́ bí èyí ni pé ìwé báńkì ń fi hàn pé owó lọ, kò sọ ìdí tó fi lọ. Á sọ pé owó oúnjẹ Màmá ni, tàbí pé o ń dá owó tí òun fi rán ọ níléèwé padà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ sí ara yín lórí Wáàsáàpù nígbà yẹn ló máa dá a lóhùn. O ní ó kọ ọ́ sí ọ pé, "Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní kí n mú owó rẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì." Gbólóhùn yẹn lágbára ju ẹlẹ́rìí púpọ̀ lọ! Má ta fóònù yẹn, má sì pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Ohun tó bá ti inú ẹ̀rọ wá gbọ́dọ̀ bá Apá 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 mu kí kóòtù tó gbà á, àti ìwé ẹ̀rí tó ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi á bá ọ kọ ìyẹn.

Bákan náà, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó wà níbẹ̀ lára ìdílé tó ta ilẹ̀ náà, àti sọfíyọ̀ tó wọn ilẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sọ níwájú wọn pé àbúrò òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun ń rà á fún, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Màmá mọ̀, ṣùgbọ́n kí a má fa Màmá dé kóòtù láàárín ọmọ méjì tí kò bá di dandan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ó tà á. Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ bá fi owó gidi ra ilẹ̀ náà tọkàntọkàn, ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kó wá ku owó nìkan tí wàá máa lépa lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí mo máa lọ wo àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà ní Sẹkitéríàtì, Àgọ́dì, kí n sì fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Màá tún kọ̀wé sí olórí ìdílé tó ta ilẹ̀. Bí o bá lè rí ẹni tó máa gbin àgbàdo síbẹ̀ lórúkọ rẹ, ṣe é, torí olùrà tó bá bá ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ yẹ kó bèèrè ẹni tó fi í síbẹ̀, kò sì ní lè sọ pé òun kò mọ̀.

Kí a tó pe ẹjọ́, mo fẹ́ kí bàbá kan nínú ẹbí yín bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbà láti fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́ọ̀yà pé ìwọ ni òun ń di ilẹ̀ náà mú fún, ìyẹn á gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù. Ìwé tó máa gbé ilẹ̀ náà wá sórúkọ rẹ á tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda gómìnà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ń béèrè.

Fi ìwé báńkì ti oṣù kẹta 2016 ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ojú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ibi tí owó wà nìkan. Má kọ ohunkóhun sí ẹ̀gbọ́n rẹ títí a ó fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.