Nígbà tí èsì rere bá ń dẹ́rù bà ọ́

Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Àìkú.

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí èsì anátọ́mì tí o fi ránṣẹ́, 78 nínú 100. Ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí: "Màámi, ibi tí mo kà ni wọ́n ṣèèṣì béèrè. Lọ́jọ́ kan, àṣírí mi á tú." Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí o máa sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo sì yege.

Iyèméjì lásán kọ́ nìyẹn. "Impostor phenomenon" ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó mọ̀wé máa ka ara rẹ̀ sí ayédèrú. Ẹni tó ń ṣiyèméjì mọ ohun tó ń já òun láyà: bóyá kò tíì mọ àwọn iṣan apá dáadáa. Bó bá kà wọ́n, tó sì gba máàkì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Tìrẹ yàtọ̀, máàkì gan-an ló ń bọ́ ẹ̀rù tìrẹ. Bí o ṣe ń yege sí i lo ń rò pé àwọn tí o ti tàn jẹ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, má fi ẹ̀rù tó ń bà ọ́ kí o tó wọ yàrá ìdánwò díwọ̀n ara rẹ, ta ni ẹ̀rù kì í bà níbẹ̀? Ohun tí ẹ̀rù náà dà lẹ́yìn tí èsì rere dé ni kí o wò.

Àwọn obìnrin méjì kan tó jẹ́ onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, Pauline Clance àti Suzanne Imes, ló kọ àpilẹ̀kọ lórí ìṣòro yìí lọ́dún 1978, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn obìnrin tó lé ní 150 pàdé, ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé gidi, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ayédèrú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n rí i pé ó ń ṣe ọkùnrin pẹ̀lú. Wọ́n ní ó máa ń wọ́pọ̀ nílé tí wọ́n ti ń sọ fún ọmọ pé orí rẹ̀ pé débi pé kò sí ohun tó lè le fún un. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá rí i pé òun ní láti làágùn kí òun tó mọ nǹkan, á ní irọ́ ni wọ́n pa fún òun. (Má bi mí bóyá ilé tiwa wà níbẹ̀.)

Wo bó ṣe ń yí ọ po. Wọ́n ní ìdánwò ń bọ̀, àyà rẹ já. Nígbà mìíràn, o máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó: ìwé tí wákàtí mẹ́rin tó fún, wàá fi mẹ́sàn-án kà á. Nígbà mìíràn, wàá fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, títí yóò fi ku alẹ́ kan. O yege, ara tù ọ́ fún ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ pé o kàwé àkàkú ni, wàá ní, "Ṣebí wàhálà tí mo ṣe ni, olóye gidi kò ní ṣe tó yẹn." Bó bá jẹ́ pé o fi falẹ̀ ni, wàá ní, "Oríire ni." Ọ̀nà méjèèjì ti dí, kò sí èyí tí ìyìn lè gbà wọlé sí ọ lára. Ìdí nìyẹn tí "o gbìyànjú" tí mò ń sọ fún ọ kò fi ṣe nǹkan kan.

Ìdánwò kékeré tó ń bọ̀ lọ́jọ́rú ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: wákàtí tí o fi kàwé, máàkì tí o rò pé wàá gbà, àti ohun tí o gbà pé yóò tú àṣírí rẹ. Bí èsì bá dé, kọ máàkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o rò, kí o sì kọ àwáwí tí ọkàn rẹ kọ́kọ́ mú wá. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ni kí o kọ ohun mẹ́ta yẹn o. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wàá ti gbàgbé pé 50 lo ń retí, wàá ní o ti mọ̀ pé ó rọrùn. Lẹ́yìn náà, fi àwáwí yẹn sórí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Ká ní òun ló gba 78, ṣé wàá ní èèṣì ni?

Bí o bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mú ìdánwò kan tí máàkì rẹ̀ kò tó nǹkan, kí o sì kà á fún wákàtí márùn-ún péré dípò mẹ́sàn-án. Má dán an wò lórí ìdánwò àṣekágbá! Bí máàkì kò bá yẹ̀ púpọ̀, a ti mọ̀ pé wákàtí mẹ́rin yòókù kọ́ ló ń gbé ọ ró. Bó bá já wálẹ̀ gan-an, iyèméjì tòótọ́ nìyẹn, ohun tí o kò mọ̀ ló ń fi hàn ọ́, padà lọ kà á.

Àmọ́ bí o kò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí kò sí ohun tó tún wù ọ́ ṣe mọ́, ìwé kíkọ kò lè tán ìyẹn. Lọ rí dókítà ní iléewé yín, kí o sì pè mí lọ́jọ́ náà.

Mo ti fi ìwé kékeré kan sínú àpò gààrí tí dírẹ́bà ń gbé bọ̀ ní Oǹdó lọ́la. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ti fa ìlà sí.

Màmá rẹ.