Lẹ́tà tí wàá kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé kí ẹ tó gbé kámẹ́rà wọlé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka lẹ́tà tí o fẹ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé yín. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun tí wọ́n máa rí dì mú níbẹ̀. O ní ẹ fẹ́ ya fídíò "nínú ọgbà ilé-ìwé fún wákàtí díẹ̀". Apá ibo nínú ọgbà? Wákàtí mélòó? Ta ni àgbàlagbà tó máa wà lọ́dọ̀ yín? Bí ọ̀gá kò bá rí èsì àwọn ìbéèrè yìí, kíkọ̀ ló máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, torí àwọn ni wọ́n máa pè bí ọmọ kan bá fara pa tàbí bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ṣírò àkókò náà kí o tó kọ ọ́. Ìran mẹ́ta lẹ ní: ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé, ìdí tábìlì inú ibẹ̀, àti iwájú pátákó ìkéde. Fíìmù ìṣẹ́jú 5 ni, àmọ́ yíyà rẹ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú 5 rárá. Ẹ ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ ó dán ohùn wò, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò ṣì í sọ, ẹ ó tún un yà. Fún ìran kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 40, ìyẹn wákàtí 2. Fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún títo nǹkan, àti 30 míì fún kíkó wọn kúrò àti dídá àga padà sáyè rẹ̀. Ó di wákàtí 3. Bí o bá kọ wákàtí 1, tí ẹ sì pẹ́ kọjá rẹ̀, wọ́n lè dá yín dúró nígbà tó ku ìran kan. Ẹ̀yìn ìgbà tí kíláàsì bá parí ni kí o bẹ̀bẹ̀ fún, torí aago àti ariwo ìsinmi ọ̀sán máa wọ inú ohùn tí ẹ bá gbà, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ dáadáa. Dárúkọ ọjọ́ méjì, kí wọ́n lè mú ọ̀kan.

Ohun tó máa ń já ọ̀pọ̀ ọ̀gá láyà jù ni ojú àwọn ọmọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ojú rẹ̀ dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè kọjá níwájú kámẹ́rà yín láìmọ̀. Nítorí náà, sọ ẹni tó máa hàn, kí o sì so ìwé ìyọ̀ǹda òbí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti buwọ́ lù mọ́ lẹ́tà náà. Sọ pé ẹ ó lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, àti pé ẹ ó gé ibi tí ojú àjèjì bá ti ṣèèṣì wọlé kúrò nínú fíìmù. Kí o sì sọ ibi tí fíìmù náà ń lọ. Bí o bá kọ pé kíláàsì nìkan ni, má gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà láìpadà tọrọ àyè.

Ní ti ohun èlò, kọ wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Bátìrì ni kẹ́ ẹ lò, kí wáyà má baà gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Bí ìran ìjà bá wà, sọ ọ́ tààrà: ẹni tó bá ń wò láti òkèèrè lè rò pé òótọ́ ni.

Àárín lẹ́tà náà lè rí báyìí:

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, a ń tọrọ àyè láti ya fídíò iṣẹ́ kíláàsì wa ní yàrá ìkàwé àti iwájú pátákó ìkéde, láti aago 2:30 sí 5:30 ọ̀sán, ní ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì tí a kọ sísàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 5 ni wá. Olùkọ́ wa yóò wà pẹ̀lú wa títí a ó fi parí, wọ́n sì ti buwọ́ lu lẹ́tà yìí. Kámẹ́rà 1, ẹsẹ̀ kámẹ́rà 1 àti makirofóònù 1 ni a ó lò. A ó kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn yín, sà, kí ẹnikẹ́ni míì tó rí i."

Kó má ju ojú ìwé kan lọ. Jẹ́ kí olùkọ́ yín buwọ́ lù ú ná, torí ọ̀gá máa bi wọ́n léèrè. Fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí àyè wà fún àtúnṣe. Bí wọ́n bá fi ẹnu gbà, fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ "mo gbà" kí wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà kan. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá gbà. Fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀dà tiwọn lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa yà á.

Tún un kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí n tún wò ó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ