Àbọ̀ gbólóhùn tí ájẹ́ńtì fò

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkàwé yín kan ti ní kí àwọn lọ́yà jáwọ́ nínú òyìnbó líle tí wọ́n fi ń kọ àdéhùn ilé, mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀. Ibi tó ti ní kí ájẹ́ńtì ṣáà sọ ọ́ ní ṣókí fún ayálégbé ni èmi kò bá a dé. Irú ṣókí bẹ́ẹ̀ ló kó ìyá kan ládùúgbò wa sí wàhálà.

Ọdún mẹ́fà ni ìyá yìí fi gbé ilé oníyàrá méjì kan nítòsí Mọ́kọ́lá níbí. Aṣọ ló ń tà, kò kàwé. Lọ́jọ́ tó fẹ́ tẹ̀ka, ájẹ́ńtì ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ ìlà kan, ó ní, "Mọ́mì, èyí ni pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe." Ìyá ní ó dáa, ó tẹ̀ka. Nígbà tó ń kó jáde lọ́dún tó kọjá, onílé di ₦50,000 owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ mú. Ó ní ọ̀dà ara ògiri ti ṣá, sílíǹgì yàrá ti dúdú, kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná sì ti jẹrà. Ìyá kò bá a jiyàn, ó ní òun ti tẹ̀ka sí i. Ọmọ rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá bá mi, torí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ kóòtù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì.

Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní èmi ni mo jókòó ti ìyá lọ́jọ́ tó tẹ̀ka, ohun tí ǹ bá sọ fún un nìyí:

"Ayálégbé ni yóò máa tọ́jú inú ilé, títí kan ilẹ̀kùn, fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀rọ omi, tí yóò sì máa tún wọn ṣe, kí wọ́n lè wà ní ipò tó dára, tó yẹ fún ayálégbé láti gbé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbó torí pé wọ́n ń lò ó bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó, tàbí torí pé ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀, kò sí lọ́rùn ayálégbé."

Ìlà ti onílé wà nísàlẹ̀ ewé kejì, kò sì gùn: òun ni yóò máa tún òrùlé àti àwọn ògiri tó gbé ilé dúró ṣe.

Ẹ wo ohun tí ájẹ́ńtì ṣe. Kò parọ́ kankan nípa ìdajì àkọ́kọ́. Ohun tó fò ni ibi tó bẹ̀rẹ̀ láti "ṣùgbọ́n." Nínú ìwé òyìnbó, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré ni, wọ́n sì há a sáàárín àmì méjì bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Òun gan-an ló ya ẹrù ayálégbé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù onílé. Ẹni tó bá fò ó ti ṣe àdéhùn mìíràn fún ìyá, kì í ṣe ìtumọ̀ èyí tó wà nílẹ̀.

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìṣe níbi kan, sí apá kejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, mo kọ pé "kí wọ́n wà ní ipò tó dára bí ayálégbé ṣe bá wọn." Ó dùn létí, ó sì jọ ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n "bí ayálégbé ṣe bá wọn" kò sí nínú ìwé. Tí ilẹ̀kùn bá ti ń mì lọ́jọ́ tí ayálégbé wọlé, gbólóhùn tèmi ì bá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti inú ìwé sì ní kó wà ní ipò tó dára. Mo fẹ́ gba ìyá sílẹ̀, mo wá fẹ́ fi àpò onílé san án. Mo pa á rẹ́. (Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ayálégbé kọ gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kí onílé sì fọwọ́ sí i.) "Ipò tó dára" náà kò túmọ̀ sí tuntun. Láti ọdún 1890 ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ọjọ́ orí ilé, irú ilé tó jẹ́ àti àdúgbò tó wà la ó fi wọ̀n ọ́n.

A wá gbé ẹ̀sùn onílé kalẹ̀, a fi ìlà náà wò wọ́n. Ọ̀dà tó ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ogbó ni. Kò sí lọ́rùn ìyá.

Kábínẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Wọ́ṣà ẹ̀rọ omi ló jẹ tán, omi wá ń kán sínú rẹ̀. Ìyá fi abọ́ gbè é, ó ń da omi náà nù láràárọ̀, títí pákó fi wú tó sì jẹrà. Wọ́ṣà tó jẹ, ogbó ni. Ṣùgbọ́n ogbó kì í bo ohun tí ogbó náà tún lọ bà jẹ́ nígbà tí ẹni tó ń gbélé ń wò ó. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí èyí lọ́dún 1958. Kábínẹ́ẹ̀tì di ti ìyá.

Sílíǹgì ló gbà mí lákòókò. Inú ilé ni sílíǹgì wà, inú ilé sì wà lọ́wọ́ ayálégbé. Àmọ́ páànù tó jò ló sọ ọ́ di dúdú, òrùlé sì jẹ́ ti onílé. Ìyá ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò rán ẹnikẹ́ni wá. Ọmọ rẹ̀ ní kí n kọ ọ́ sínú ìtumọ̀ pé sílíǹgì tí òjò bá bà jẹ́, onílé ni yóò tún un ṣe. Mo kọ̀. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Àròyé gidi ni, a sì lè gbé e síwájú onílé tàbí adájọ́, ṣùgbọ́n àròyé kì í ṣe ìtumọ̀.

Bí mo ṣe máa ń dán iṣẹ́ mi wò kò le. Mo máa ń bi ìwé òyìnbó àti ìwé Yorùbá ní ìbéèrè kan náà: ta ni yóò tún un ṣe, kí ni yóò tún ṣe, ìgbà wo ni kò ní sí lọ́rùn rẹ̀? Tí ìdáhùn méjèèjì kò bá dọ́gba, èmi ni mo ṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni mo máa ní kí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà fún mi. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé pàápàá sọ pé ẹni tó bá kọ ìwé fún wọn gbọ́dọ̀ kà á, kó sì túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Mo wá orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìyá, mi ò rí i.

A gbé ìlà méjèèjì lọ bá onílé. Ó bínú díẹ̀ nípa sílíǹgì, àmọ́ nígbà tó ka ìlà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dákẹ́. Káfíńtà ní ₦14,000 ni kábínẹ́ẹ̀tì yóò gbà; onílé yọ ọ́, ó sì dá ₦36,000 padà. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé ni ìyá yíjú sí mi: "Bàbá Ìbejì, èmi ni mo rán yín níṣẹ́, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ₦14,000 lórí mi?"

Mo ní, "Ìyá, bó ṣe wà nínú ìwé ni mo ṣe kà á."

Ògbufọ̀ kóòtù tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn