Sí ọmọ mi ní Àjàṣẹ́, nípa ṣẹ́ẹ̀kì tó padà wá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ìwé tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá tó ni ilé-ìwé tí o rán aṣọ fún. Má tíì fi ránṣẹ́. O mọ̀ pé káńtà báǹkì ni mo fi gbogbo ọjọ́ orí mi jókòó sí kí n tó padà sí Kétu, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí, torí òógùn rẹ ló wà nínú owó náà.

O kọ ọ́ pé: “Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ fún mi ní ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo. Ẹ mọ̀ pé ẹ ò lówó, ẹ gba aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ màá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.”

“Ẹ mọ̀” yẹn ni kí o kọ́kọ́ yọ. Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n mọ̀? Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé a máa kọ ṣẹ́ẹ̀kì nígbà tí wọ́n bá ti fi owó àwọn òbí sí báǹkì, bí owó kan níbẹ̀ bá sì jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì ẹlòmíràn tí kò tíì wọlé, tiwọn náà á padà. Ohun tí ìwé báǹkì sọ ni pé owó inú àkáǹtì kò tó. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ náà má sọ jù ú lọ.

Àmọ́ o tún rí i? Pẹ̀lú gbogbo ìbínú yẹn, o ò sọ iye tí o fẹ́ gbà, o ò sì dá ọjọ́. “Ẹ wá nǹkan ṣe sí i” kò di ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n lè fún ọ ní 50,000 sẹ́fà nínú 385,000 kí wọ́n ní àwọn ti ṣe nǹkan.

Kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, torí àgbà ni wọ́n, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Lẹ́yìn náà ni kí o fi èyí ránṣẹ́ sí fóònù àwọn tìkára wọn, kì í ṣe ti tíṣà kankan:

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣẹ́ẹ̀kì 385,000 sẹ́fà tí ẹ kọ fún mi ní 9 Oṣù Kẹwàá fún aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé, báǹkì ti dá a padà. Wọ́n kọ ọ́ pé owó inú àkáǹtì kò tó. Fọ́tò ìwé wọn nìyí kí ẹ lè rí i. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba 385,000 náà pé kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá. Ẹ lè san án lówó, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, tàbí kí ẹ fún mi ní ṣẹ́ẹ̀kì tí báǹkì yín ti fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Bí owó bá ti wọlé, màá dá ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ padà fún yín.”

Wò ó dáadáa: ṣẹ́ẹ̀kì ló padà, báǹkì ló dá a padà. Kò sí ibi tí a ti fẹ̀sùn kan Màmá. Síbẹ̀, iye wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí “bó bá rọ̀ yín lọ́rùn” kankan. Ṣẹ́ẹ̀kì lásán mìíràn kò sí lára ohun tí o ní wàá gbà.

Gbólóhùn ìkẹyìn nínú ìwé náà, pé wàá dá ṣẹ́ẹ̀kì padà, lágbára ju ọlọ́pàá lọ. Nínú òfin àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí ṣẹ́ẹ̀kì bá padà nítorí àìtó owó, báǹkì á kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́. Ó ní 30 ọjọ́ láti tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é, wọ́n á ní kó dá ìwé ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ padà, kò sì ní lè kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ọdún 5, ní báǹkì yòówù kó jẹ́. Ṣẹ́ẹ̀kì tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ohun tí Màmá lè gbé lọ fún báǹkì wọn láti fi hàn pé wọ́n ti san gbèsè. Nítorí náà, wọ́n nílò rẹ̀ bí o ṣe nílò owó rẹ. Má halẹ̀ mọ́ wọn pẹ̀lú òfin yìí, báǹkì wọn á sọ fún wọn. Má sì jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀kì náà kúrò lọ́wọ́ rẹ kí owó tó pé.

Má gbé e padà sí báǹkì fúnra rẹ láìjẹ́ pé wọ́n ní owó ti wà níbẹ̀. Bó bá tún padà, báǹkì lè tún gba owó lọ́wọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ náà á sì le sí i fún wọn.

Bí Jímọ̀ bá kọjá láìsí owó, lọ bá báǹkì rẹ ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sọ bí wàá ṣe gba ìwé-ẹ̀rí pé wọn kò san ṣẹ́ẹ̀kì náà. Èyí ni wàá fi wá òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tí ń gba gbèsè. Pè mí lálẹ́ Jímọ̀ náà.

Bàbá rẹ,
Kétu